Fáìlì kan, ẹ̀dà mẹ́ta: fódà iṣẹ́, ibi ìpalẹ̀mọ́ àti ilé ìpamọ́ nínú Git

Git jẹ́ sọ́fítíwià tó ń tọ́jú ìtàn fáìlì: bí fáìlì ṣe rí lánàá, bó ṣe rí lọ́dún tó kọjá, ẹni tó yí i padà àti àlàyé tó ṣe nípa àyípadà náà. Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland tó dá Linux sílẹ̀, ló kọ́kọ́ kọ ọ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2005. Ohun tó fà á ni pé àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ lórí Linux kò lè lo BitKeeper lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ òun ni wọ́n ti ń fi tọ́jú iṣẹ́ wọn tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń kọ sọ́fítíwià ló ń lo Git jù, ṣùgbọ́n kò sí fáìlì ọ̀rọ̀ tí kò lè bá èèyàn tọ́jú, ìbáà jẹ́ ìwé tí wọ́n ń kọ lọ́wọ́ tàbí àkọsílẹ̀ ọjà.

Ohun kan wà tó máa ń dí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́nà. Nínú Git, fáìlì kan ṣoṣo lè wà ní ibi mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, kí ohun tó wà nínú rẹ̀ sì yàtọ̀ ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tí èyí kò bá yé yóò máa tẹ àṣẹ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, iṣẹ́ á sì máa lọ dáadáa títí di ọjọ́ tí Git bá tọ́jú ohun tó yàtọ̀ sí èyí tó wà lójú rẹ̀. Ibi mẹ́ta náà ni fódà iṣẹ́, ibi ìpalẹ̀mọ́ àti ilé ìpamọ́.

Fódà iṣẹ́ ló rọrùn jù láti mọ̀, nítorí òun ni ojú ń rí. Fódà lásán ni, bíi gbogbo fódà yòókù lórí kọ̀ǹpútà. Bí èèyàn bá ṣí fáìlì kan nínú rẹ̀, tó tẹ ọ̀rọ̀ kún un, tó sì séèfù rẹ̀, fódà iṣẹ́ nìkan ni àyípadà náà dé. Git kò tíì dá sí i rárá. Ọ̀pọ̀ ló rò pé nígbà tí àwọn ti séèfù, Git ti gbà á nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ààrin kọ̀ǹpútà àti ẹni tó ń lò ó ni séèfù parí sí.

Ilé ìpamọ́ wà nínú fódà kan náà, ṣùgbọ́n ó fara pamọ́. Fódà kékeré kan tó ń jẹ́ `.git` ni. Lórí Linux àti macOS, fódà tí orúkọ rẹ̀ bá fi àmì ìdánudúró bẹ̀rẹ̀ kì í hàn láìjẹ́ pé èèyàn ní kó hàn, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń lo Git fún ìgbà pípẹ́ láìfojú kàn án. Inú rẹ̀ ni àwọn kọ́mìtì wà. Kọ́mìtì ni àkọsílẹ̀ bí gbogbo fáìlì ṣe rí ní àsìkò kan, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ṣe é, ọjọ́ àti aago tó ṣe é, ọ̀rọ̀ ṣókí tó fi ṣàlàyé iṣẹ́ náà, àti orúkọ kọ́mìtì tó ṣáájú rẹ̀. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń tọ́ka sí èyí tó ṣáájú yìí ló jẹ́ kí Git lè tọ ipasẹ̀ iṣẹ́ padà dé ọjọ́ àkọ́kọ́. Git fúnra rẹ̀ ló ń ṣírò orúkọ kọ́mìtì láti inú ohun tó wà nínú rẹ̀, orúkọ náà sì sábà máa ń jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 40. Bí àmì kan péré bá yàtọ̀ nínú fáìlì kan, orúkọ tí yóò jáde yóò yàtọ̀. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó lè lọ yí ohun tó wà nínú kọ́mìtì àtijọ́ padà ní kọ̀rọ̀ kí orúkọ rẹ̀ má yí padà.

Ààrin àwọn méjèèjì yìí ni ibi ìpalẹ̀mọ́ wà. Òun ló ń rú èèyàn lójú jù, nítorí kò sí fódà tí èèyàn lè ṣí kó fi rí i. Fáìlì kan ni, `.git/index`, ọ̀nà tí Git sì ń gbà kọ ọ́ kì í ṣe èyí tí èèyàn lè kà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni orúkọ gbogbo fáìlì tí kọ́mìtì tó ń bọ̀ yóò ní, àti ẹ̀dà tí kọ́mìtì náà yóò mú nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ẹni tó bá ti fi ẹrù ránṣẹ́ láti gáréèjì rí yóò tètè lóye èyí. Ọjà wà káàkiri inú ṣọ́ọ̀bù. Èyí tó ń rìnrìn àjò ni wọ́n ń kó sínú páálí, wọ́n lè yọ ọ̀kan, wọ́n lè fi òmíràn sí i. Nígbà tó bá pé, wọ́n á lẹ páálí pa, wọ́n á kọ orúkọ sí i lára, ó di ti awakọ̀. Ṣọ́ọ̀bù dúró fún fódà iṣẹ́, páálí tó ṣì ṣí sílẹ̀ dúró fún ibi ìpalẹ̀mọ́, èyí tí wọ́n ti lẹ̀ pa dúró fún kọ́mìtì. Ibì kan wà tí àfiwé yìí kò ti bá a mu, ibẹ̀ gan-an ló sì yẹ kí èèyàn fọkàn sí. Ọjà tó bá wọ páálí ti kúrò lórí pẹpẹ, ṣùgbọ́n fáìlì tó bá wọ ibi ìpalẹ̀mọ́ ṣì wà ní fódà iṣẹ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀dà rẹ̀ ni Git mú. Láti ìṣẹ́jú náà lọ, ẹ̀dà méjèèjì ti pínyà. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan kò kan èkejì mọ́.

Àpẹẹrẹ kan yóò jẹ́ kó hàn kedere. Oníṣọ́ọ̀bù aṣọ kan fẹ́ máa fi Git tọ́jú iye tó ń ta ọjà, kó lè máa mọ ìgbà tí owó yí padà àti ohun tó fà á. Oríṣi aṣọ mẹ́ta ló ń tà. Ó dá fódà kan sílẹ̀, ó kọ fáìlì kan tó ń jẹ́ `iye.txt` sínú rẹ̀, iye ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ní náírà ló sì wà níbẹ̀:

```
Adire    8500
Ankara   6000
Aso-oke  45000
```

Lẹ́yìn náà, ó wọ inú fódà ọ̀hún láti ojú ibi tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí, ó sì tẹ àṣẹ méjì:

```
git init
git status
```

Àṣẹ àkọ́kọ́ ló dá fódà `.git` sílẹ̀. Ilé ìpamọ́ ti wà báyìí, ṣùgbọ́n kò tíì sí kọ́mìtì kankan nínú rẹ̀. Àṣẹ kejì ni èyí tí èèyàn ń fi béèrè bí nǹkan ṣe rí ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó dáhùn pé òun rí `iye.txt`, ṣùgbọ́n abẹ́ àkọlé `Untracked files` ló tò ó sí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé fáìlì náà wà ní fódà iṣẹ́ nìkan. Kò sí ní ibi ìpalẹ̀mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ní ilé ìpamọ́. Bí kọ̀ǹpútà bá pa á rẹ́ lásìkò yìí, Git kò ní nǹkan kan tó lè fi gbà á padà.

```
git add iye.txt
git commit -m "Iye aso ni ibere"
```

Àṣẹ `git add` mú ẹ̀dà fáìlì náà lọ sí ibi ìpalẹ̀mọ́. Àṣẹ `git commit` wo ohun tó wà ní ibi ìpalẹ̀mọ́, ó sì fi ṣe kọ́mìtì àkọ́kọ́ nínú ilé ìpamọ́. Ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti bára mu báyìí, nítorí náà, bó bá tún tẹ `git status`, Git yóò sọ pé `nothing to commit, working tree clean`, ìyẹn ni pé kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ àlàyé máa ń fò níbí. Lẹ́yìn kọ́mìtì, ibi ìpalẹ̀mọ́ kì í ṣófo. Ẹ̀dà `iye.txt` ṣì wà níbẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí Git dákẹ́ ni pé ẹ̀dà tó wà níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú kọ́mìtì tó kẹ́yìn. Bí ilé ìpamọ́ kan bá ní ẹgbẹ̀rún fáìlì, orúkọ ẹgbẹ̀rún náà ló máa ń wà ní ibi ìpalẹ̀mọ́ nígbà gbogbo, kì í ṣe ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà nìkan. Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i lè tẹ `git ls-files --stage`.

Nígbà tó yá, owó àǹkárá gun òkè. Oníṣọ́ọ̀bù ṣí `iye.txt`, ó sọ 6000 di 6500, ó séèfù rẹ̀, ó sì tẹ `git add iye.txt`. Kó tó ṣe kọ́mìtì, ẹni tó ń bá a rẹ àdìrẹ pè é lórí fóònù pé owó aró ti lé. Ó padà sínú fáìlì, ó sọ 8500 di 9000, ó sì séèfù rẹ̀. Kò tẹ `git add` lẹ́ẹ̀kejì. Bí ẹ̀dà mẹ́ta ṣe pínyà nìyí. Àṣẹ mẹ́ta wà tó lè fi wọ́n hàn lọ́kọ̀ọ̀kan:

```
cat iye.txt
git show :iye.txt
git show HEAD:iye.txt
```

Àkọ́kọ́ ka ohun tó wà ní fódà iṣẹ́: àdìrẹ 9000, àǹkárá 6500. Èkejì, tí kò sí nǹkan kan ṣáájú àmì oníkókó méjì rẹ̀, ka ohun tó wà ní ibi ìpalẹ̀mọ́: àdìrẹ 8500, àǹkárá 6500. Ẹ̀kẹta ka ilé ìpamọ́. `HEAD` ni orúkọ tí Git ń pe kọ́mìtì tó kẹ́yìn níbi tí iṣẹ́ dé, nítorí náà iye àtijọ́ ló jáde: àdìrẹ 8500, àǹkárá 6000. Fáìlì kan, orúkọ kan, ìdáhùn mẹ́ta, kò sì sí irọ́ nínú ọ̀kankan wọn.

Bó bá tẹ `git status` lásìkò yìí, ohun tó máa ń ya ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ló máa rí:

```
Changes to be committed:
	modified:   iye.txt

Changes not staged for commit:
	modified:   iye.txt
```

Fáìlì kan náà fara hàn lẹ́ẹ̀mejì, lókè pẹ̀lú àwọ̀ ewé, nísàlẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ pupa. Àwọn kan á rò pé Git ti ṣe àṣìṣe. Ìfiwéra méjì tó dá dúró ló ń ṣe. Ti òkè fi ibi ìpalẹ̀mọ́ wé kọ́mìtì tó kẹ́yìn, ó sì rí i pé àǹkárá yàtọ̀. Ti ìsàlẹ̀ fi fódà iṣẹ́ wé ibi ìpalẹ̀mọ́, ó sì rí i pé àdìrẹ yàtọ̀. Ẹni tó bá tẹ `git status --short` yóò rí ìdáhùn kan náà ní ṣókí: `MM iye.txt`. Lẹ́tà M àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìfiwéra òkè, èkejì jẹ́ ti ìsàlẹ̀. Nígbàkígbà tí M méjì bá tẹ̀lé ara wọn báyìí, kí èèyàn dúró ná kó tó ṣe kọ́mìtì, nítorí ohun tó wà lójú rẹ̀ kọ́ ni Git fẹ́ tọ́jú.

Bó bá fẹ́ rí ìyàtọ̀ náà gan-an, `git diff` ni yóò lò. Bó bá tẹ̀ ẹ́ lásán, fódà iṣẹ́ àti ibi ìpalẹ̀mọ́ ni Git yóò fi wéra:

```
-Adire    8500
+Adire    9000
 Ankara   6500
 Aso-oke  45000
```

Bó bá fi `--staged` kún un, ibi ìpalẹ̀mọ́ àti kọ́mìtì tó kẹ́yìn ni yóò fi wéra:

```
 Adire    8500
-Ankara   6000
+Ankara   6500
 Aso-oke  45000
```

Àmì ìyọkúrò ń fi ìlà tó lọ hàn, àmì àròpọ̀ ń fi èyí tó wọlé hàn. Ibí yìí náà ni ìpayà kan ti sábà máa ń bá èèyàn: ó ṣe iṣẹ́, ó tẹ `git add`, ó wá tẹ `git diff` láti wo iṣẹ́ rẹ̀, kò sì rí nǹkan kan. Iṣẹ́ náà kò sọnù. Fódà iṣẹ́ àti ibi ìpalẹ̀mọ́ ló ti bára mu, `git diff` lásán kò sì ní ìyàtọ̀ tó lè sọ. `git diff --staged` ni yóò fi iṣẹ́ náà hàn. Nínú ìwé àtijọ́, ẹlòmíràn lè rí `git diff --cached`. Ohun kan náà ni, orúkọ tí wọ́n ń pe ibi ìpalẹ̀mọ́ nígbà tí Git ṣì kéré ló ṣẹ́kù síbẹ̀.

Oníṣọ́ọ̀bù wá ṣe kọ́mìtì:

```
git commit -m "Owo ankara gun oke"
```

Kí ló wọ ilé ìpamọ́? Àdìrẹ 8500, àǹkárá 6500. Owó àdìrẹ tuntun kò bá a wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oníṣọ́ọ̀bù ti séèfù rẹ̀, tó sì ń wò ó lójú. `git commit` kì í wo fódà iṣẹ́. Ohun tó bá bá ní ibi ìpalẹ̀mọ́ ló ń mú, bó ṣe wà nígbà tí wọ́n tẹ `git add` kẹ́yìn.

Nínú ṣọ́ọ̀bù, èyí lè má ju kí owó ọjà kan pẹ́ kó tó wọ ìwé. Láàárín àwọn tó ń kọ sọ́fítíwià, ó ń dá wàhálà tó ṣòro láti rí ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Ẹnì kan á tún fáìlì kan ṣe, á tẹ `git add`, á dán iṣẹ́ náà wò, á rí àbùkù kékeré kan, á tún un ṣe, á dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i, gbogbo rẹ̀ á dára. Á wá ṣe kọ́mìtì láìtún tẹ `git add`. Lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, sọ́fítíwià náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, nítorí ẹ̀dà tó pé wà ní fódà iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó bá gba kọ́mìtì náà á gba èyí tó ní àbùkù. Wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́, òun á ní ó ń ṣiṣẹ́, olúkúlùkù sì ń sọ òtítọ́ ohun tó rí. Àyẹ̀wò tó ń yanjú rẹ̀ kò gba àkókò: kí ẹni tó ṣe kọ́mìtì tẹ `git status`. Bí fáìlì náà bá ṣì wà lábẹ́ `Changes not staged for commit`, ibẹ̀ ni àtúnṣe tó kù wà.

Bí ibi ìpalẹ̀mọ́ bá lè fa irú èyí, kí ló dé tí wọ́n kò yọ ọ́ kúrò? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú àpẹẹrẹ kan náà. Owó àǹkárá àti owó àdìrẹ gun òkè fún ìdí tó yàtọ̀ síra. Ẹni tó bá ń wo ìtàn ọjà náà lọ́dún tó ń bọ̀ yóò fẹ́ rí kọ́mìtì méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àlàyé tirẹ̀. Bí kò bá sí ibi ìpalẹ̀mọ́, ohun gbogbo tó bá yí padà nínú fódà ni yóò wọ kọ́mìtì kan pọ̀, ìbáà ti parí, ìbáà ti kù díẹ̀ káàtó. Ibi ìpalẹ̀mọ́ ló ń jẹ́ kí èèyàn lè ṣe iṣẹ́ bó ṣe wá, kó sì wá tò ó sínú ìtàn bó ṣe yẹ.

Bí àyípadà méjì bá ti wọ inú fáìlì kan kí èèyàn tó rántí yà wọ́n sọ́tọ̀, `git add -p` wà fún un. Git á máa fi àyípadà hàn ní abala abala, á sì máa béèrè èyí tó yẹ kó wọ ibi ìpalẹ̀mọ́. `y` ni bẹ́ẹ̀ ni, `n` ni bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí abala kan bá tóbi jù, `s` ló ń sọ fún un pé kó pín in sí kéékèèké. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Kí Git tó lè pín abala, ìlà kan ó kéré tán tí kò yí padà gbọ́dọ̀ wà láàárín àyípadà méjèèjì. Ìlà àdìrẹ àti ti àǹkárá fara kan ara wọn nínú `iye.txt`, nítorí náà, bí oníṣọ́ọ̀bù bá ti yí méjèèjì padà kó tó tẹ `git add`, `s` kò ní ran án lọ́wọ́. `e` ni yóò lò, tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣàtúnṣe abala náà. Ká ní àdìrẹ àti aṣọ òkè ló yí padà, tí àǹkárá dúró láàárín wọn, Git ì bá pín in láìsí wàhálà.

Ẹni tí kò bá nílò ìyàsọ́tọ̀ yìí lè tẹ `git commit -a`. Àṣẹ yìí máa ń kó gbogbo fáìlì tí Git ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, tó sì yí padà, gba ibi ìpalẹ̀mọ́ lọ sí ilé ìpamọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í mú fáìlì tuntun. Fáìlì tí wọn kò tíì tẹ `git add` fún rí yóò ṣì wà lábẹ́ `Untracked files`, ọ̀pọ̀ ló sì ti gbàgbé fáìlì tuntun sílẹ̀ báyìí.

Ọ̀rọ̀ kù sórí bí èèyàn ṣe ń padà sẹ́yìn, níbi tí àìmọ ìyàtọ̀ ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lè mú kí iṣẹ́ ṣòfò. Àṣẹ méjì tó jọra ló wà, inú Git 2.23 tó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ wá:

```
git restore --staged iye.txt
git restore iye.txt
```

Ká ní oníṣọ́ọ̀bù kò tíì ṣe kọ́mìtì kejì, tí ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì yàtọ̀ síra. Àṣẹ àkọ́kọ́ mú ẹ̀dà inú kọ́mìtì tó kẹ́yìn, ó sì fi rọ́pò èyí tó wà ní ibi ìpalẹ̀mọ́. Àǹkárá padà di 6000 níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan fódà iṣẹ́. 6500 àti 9000 ṣì wà nínú fáìlì tí ojú ń rí. Kò sí ewu nínú rẹ̀. Ká ní àṣẹ kejì ló tẹ̀ dípò àkọ́kọ́, ẹ̀dà ibi ìpalẹ̀mọ́ ni Git yóò fi rọ́pò èyí tó wà ní fódà iṣẹ́. Àdìrẹ yóò padà di 8500, 9000 yóò sì pòórá. Git kò ní béèrè bóyá ó dá a lójú. Ibi ìpalẹ̀mọ́ kò gbà á rí, ilé ìpamọ́ kò gbà á rí, nítorí náà kò sí ibi tí Git yóò ti mú un padà wá. Àfi bí ohun tó fi ń kọ fáìlì bá ṣì rántí.

Ti ohun tó ti wọ ibi ìpalẹ̀mọ́ rí yàtọ̀. Ní ìṣẹ́jú tí èèyàn bá tẹ `git add`, Git máa ń kọ ohun tó wà nínú fáìlì náà sínú `.git/objects` lójú ẹsẹ̀, kó tó di pé kọ́mìtì wáyé. Bí èèyàn bá fi àṣìṣe yọ ọ́ ní ibi ìpalẹ̀mọ́, tó sì tún pa á rẹ́ ní fódà iṣẹ́, `git fsck --lost-found` lè wá a rí, á sì kọ ọ́ sínú `.git/lost-found/other`. Orúkọ fáìlì kò ní bá a padà, ohun tó wà nínú rẹ̀ nìkan ni. Ẹni tó ń wá a ni yóò ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi dá tirẹ̀ mọ̀. Kò sì yẹ kó pẹ́ kó tó wá a, nítorí nígbà tí Git bá ń gbálẹ̀ inú ilé ìpamọ́, ohun tí kọ́mìtì kankan kò tọ́ka sí, tó sì ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ló máa ń kó dànù bí wọn kò bá yí ètò rẹ̀ padà.

Ohun tó ti wọ kọ́mìtì ló ṣòro jù láti mú kúrò. Ká ní oníṣọ́ọ̀bù ní fáìlì mìíràn, `gbese.txt`, tó kọ orúkọ àwọn oníbàárà tó jẹ ẹ́ lówó sí. Ó tẹ `git add .`, tó ń kó gbogbo ohun tó wà nínú fódà, ó sì ṣe kọ́mìtì. Nígbà tó rí i pé orúkọ àwọn èèyàn ti bá a wọlé, ó kọ `gbese.txt` sínú fáìlì `.gitignore`, níbi tí wọ́n ń to ohun tí Git kò gbọ́dọ̀ kà sí. Kò sí ìyàtọ̀. `.gitignore` ń ṣiṣẹ́ lórí fáìlì tí kò tíì wọ ibi ìpalẹ̀mọ́ nìkan, bẹ́ẹ̀ èyí ti wà níbẹ̀. Ó ní láti kọ́kọ́ tẹ `git rm --cached gbese.txt`, tó ń yọ fáìlì kúrò ní ibi ìpalẹ̀mọ́ láìpa á rẹ́ ní fódà iṣẹ́, kó sì ṣe kọ́mìtì mìíràn. Láti ìgbà náà, kọ́mìtì tuntun kò ní ní i mọ́, ṣùgbọ́n kọ́mìtì àtijọ́ ṣì ní i. Ẹni tó bá gba ilé ìpamọ́ náà, tó sì tẹ `git show` pẹ̀lú orúkọ kọ́mìtì ọ̀hún, yóò ka orúkọ àwọn onígbèsè láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àtiyọ ọ́ pátápátá gba kí wọ́n tún ìtàn kọ láti kọ́mìtì yẹn wá, orúkọ gbogbo kọ́mìtì tó tẹ̀lé e yóò sì yí padà.

Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, láìlo íńtánẹ́ẹ̀tì. Ibi bíi GitHub kì í ṣe ibi kẹrin. Ẹ̀dà ilé ìpamọ́ ló ń tọ́jú. `git push` ló ń fi kọ́mìtì ránṣẹ́ síbẹ̀, kọ́mìtì nìkan ló sì ń gbé. Ohun tó wà ní ibi ìpalẹ̀mọ́ àti fódà iṣẹ́ kì í bá a lọ. Bí oníṣọ́ọ̀bù bá ra kọ̀ǹpútà tuntun, tó sì fi `git clone` gba iṣẹ́ rẹ̀ padà, ilé ìpamọ́ ni Git yóò kọ́kọ́ dà kọ. Yóò wá mú kọ́mìtì tó kẹ́yìn nínú rẹ̀, yóò fi kún ibi ìpalẹ̀mọ́ àti fódà iṣẹ́, ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò sì bára mu. Owó àdìrẹ tó kọ sórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ láìṣe kọ́mìtì rẹ̀ yóò ṣì jẹ́ 8500.